Wọ́n ti fi orúkọ àti fọ́tò yín ṣí àkáúǹtì míì lórí Facebook: bẹ́ ẹ ṣe máa rípọ́ọ̀tù ẹ̀ tó fi máa wálẹ̀

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè é, ó ní "Ṣé ara ti le báyìí? Mo rí mẹ́sèèjì tó o fi ránṣẹ́ lórí owó ọsibítù yẹn, mo ní kí n gbọ́ ohùn ẹ ná kí n tó san nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n mi ò sí ní ọsibítù o, kò sì tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣé ẹnì kan ti ṣí àkáúǹtì Facebook tuntun, ó kọ orúkọ ẹ̀ sí i bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó kó fọ́tò ẹ̀ mẹ́ta lé e, ó wá ń fi rikúẹ́sì ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yí pásíwọọ̀dù ẹ̀ padà, nígbà tó di alẹ́ ó tún yí i, lọ́jọ́ kejì ó tún yí i, síbẹ̀ mẹ́sèèjì yẹn ò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe nǹkan tí kò lè ràn án lọ́wọ́, ìdí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ nìyí, látìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí àkáúǹtì yẹn ti kúrò nílẹ̀. Facebook ni mo máa dúró lé jù torí ibẹ̀ ni irú ẹ̀ ti wọ́pọ̀, mo máa sọ díẹ̀ nípa Instagram àti WhatsApp tá a bá débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n wọ àkáúǹtì yín ni àbí wọ́n kàn dà á kọ

Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni, oògùn wọn ò sì jọra. Tí ẹnì kan bá wọ àkáúǹtì yín, inú Messenger tiyín gan-an ni mẹ́sèèjì yẹn á ti jáde, àwọn ọ̀rẹ́ yín á rí i nísàlẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti jọ ń sọ látẹ̀yìn wá. Ọ̀rọ̀ pásíwọọ̀dù nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n dà á kọ ni, ẹni tó rí mẹ́sèèjì yẹn á sọ fún yín pé ẹ fi rikúẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sóun, bẹ́ẹ̀ ẹ ti jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ níbẹ̀ tipẹ́, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan lókè mẹ́sèèjì ọ̀hún. Tó bá wọ pírófáìlì yẹn lọ, á rí i pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé gbogbo fọ́tò ẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ ò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ẹni tó ṣe irú eléyìí ò ní pásíwọọ̀dù yín lọ́wọ́, kò sì nílò ẹ̀, nǹkan tí gbogbo ayé lè rí lójú pírófáìlì yín náà ló kó. Ẹ lè yí pásíwọọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò kàn án rárá.

Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Where you're logged in" sí, ẹ wo àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ kìkì tiyín ló wà níbẹ̀, ayédèrú lẹ ń bá jà.

Ẹ gba líǹkì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há. Wọ́n á tẹ orúkọ ara wọn sínú ibi ìwákiri, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní ó ti lọ nìyẹn. Kò tíì lọ o. Nǹkan tí àwọn gbájúẹ̀ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á búlọ́ọ̀kù ẹni tí wọ́n jí orúkọ ẹ̀, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni orúkọ lẹ ò ní rí i, gbogbo ará ilé àti ọ̀rẹ́ yín á sì máa rí i. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, tẹ́ ẹ bá ṣí i, Facebook á sọ pé nǹkan yẹn ò sí nílẹ̀ báyìí. Tó bá ti ṣe yín bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó ṣí fún ẹlòmíì, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti búlọ́ọ̀kù yín.

Torí náà ẹni tó ta yín lólobó yẹn lẹ máa bẹ̀. Kó wọ pírófáìlì yẹn, kó tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, á rí ibi tí wọ́n ti lè kọpí líǹkì, kó fi í ránṣẹ́ sí yín. Líǹkì yẹn lè rí báyìí:

```
https://www.facebook.com/profile.php?id=1000XXXXXXXXXXX
```

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn `id=` ni kẹ́ ẹ mú dáadáa. Orúkọ ṣeé yí padà, fọ́tò ṣeé yí padà, àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò ní yí padà, tó bá di ọ̀la tí wọ́n wá fi orúkọ ẹlòmíì sórí àkáúǹtì kan náà, nọ́ńbà yẹn lẹ ṣì máa fi dá a mọ̀. Orúkọ nìkan ò tó rárá, ìdí ni pé ti ayédèrú àti tiyín ti ń jẹ́ orúkọ kan náà, tẹ́ ẹ bá ní káwọn èèyàn lọ fi orúkọ wá a, àwọn kan á ṣèèṣì rípọ́ọ̀tù ẹ̀yin fúnra yín. Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni síkíríínṣọ́ọ̀tù. Ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn ya ojú pírófáìlì ọ̀hún, kó ya ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ nínú Messenger, àgàgà ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó, nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà àkáúǹtì báńkì. Ẹ ya gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rípọ́ọ̀tù o, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, tí pírófáìlì yẹn bá ti wálẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ padà lọ ya ojú ẹ̀ mọ́. Tẹ́nì kan bá sì ti fowó ránṣẹ́, nọ́ńbà báńkì yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́, kí onítọ̀hún pe báńkì tiẹ̀ ní wàràǹṣeṣà kó sọ fún wọn pé jìbìtì ni, kó tó wá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, ìdí ni pé àwọn èèyàn yìí kì í jẹ́ kí owó sùn sínú àkáúǹtì.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn èèyàn yín, kẹ́ ẹ sì mọ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún

Rípọ́ọ̀tù máa ń gba àkókò, mẹ́sèèjì tọrọ-owó kì í gba àkókò. Torí náà kẹ́ ẹ tó jókòó ti rípọ́ọ̀tù, ẹ pe àwọn tó ṣeé ṣe kó fowó ránṣẹ́ láì bi yín léèrè: àwọn òbí, àwọn àgbà ìdílé, ọ̀gá àtijọ́, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jọ́sìn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n gbóhùn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní rí pósìtì yín títí ọjọ́ á fi lọ.

Lẹ́yìn náà lẹ wá máa pósìtì, ẹ má gùn ún. Ẹ sọ pé ẹnì kan ń lo orúkọ àti fọ́tò yín, ẹ ò ṣí àkáúǹtì tuntun, ẹ ò tọrọ owó, kí ẹnikẹ́ni má gba rikúẹ́sì yẹn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ tiẹ̀ nìyí: "Àkáúǹtì kan ṣoṣo ni mo ní, eléyìí tẹ́ ẹ ń kà yìí ni. Ẹni tó bá ní èmi ni òun, tó ń bá yín sọ̀rọ̀ owó, ẹ pè mí kí n dá yín lóhùn." Ìyẹn tó. Ẹ má sọ pé wọ́n ti gba àkáúǹtì yín, torí ohun táwọn èèyàn á ṣe ni pé wọ́n á yọ ẹ̀yin gan-an kúrò lọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n á wá fi ayédèrú sílẹ̀.

Rípọ́ọ̀tù gan-an

Tẹ́ ẹ bá ṣì lè rí pírófáìlì yẹn fúnra yín, ẹ wọ ojú ẹ̀, ẹ tẹ tó-tò-tó mẹ́ta yẹn, ẹ mú "Report profile". Á bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ pírófáìlì ayédèrú tàbí ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé ẹlòmíì ni òun lẹ máa mú, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lè yí díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíì, àmọ́ "Fake profile" tàbí nǹkan tó ní "Pretending to be" nínú lẹ ń wá. Lẹ́yìn náà á bi yín pé ta ni wọ́n ń ṣe bí, ẹ mú "Me". Ẹ fi ránṣẹ́. Facebook ò ní sọ fún ẹni yẹn pé ẹ̀yin lẹ fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn.

Tí wọ́n bá ti búlọ́ọ̀kù yín ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń rí i ló máa ṣe é nígbà náà, ibí yìí gan-an ni tẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ bà jẹ́. Bí mo ṣe débẹ̀, ó ní èèyàn bí ogún ti rípọ́ọ̀tù, kò ṣiṣẹ́. Mo ní kó bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n tẹ̀. Ẹnì kan ní òun tẹ pé ó ń da òun láàmú, ẹnì kan ní òun mú sípáàmù, ẹnì kan ní òun mú èyí tó kọ́kọ́ rí. Kò sẹ́ni tó sọ pé èèyàn kan pàtó tí òun mọ̀ ni wọ́n jí orúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ irú rípọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ wò á wo pírófáìlì yẹn, á rí fọ́tò obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ìṣekúṣe, kò sí èébú, kí ló fẹ́ yọ kúrò níbẹ̀? Iye èèyàn tó rípọ́ọ̀tù kọ́ ló ń mú nǹkan wálẹ̀, Facebook fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé iye ìgbà tí wọ́n rípọ́ọ̀tù nǹkan kọ́ làwọn ń wò. Rípọ́ọ̀tù kan tó sọ ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ sàn ju ogún tó ṣi ọ̀nà lọ.

Mo wá ní kó mú èèyàn mẹ́rin péré, àwọn tó máa fara balẹ̀. A fi líǹkì yẹn ránṣẹ́ sí wọn, a sì kọ nǹkan tí wọ́n máa tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ ní ìtòtẹ̀lé: tó-tò-tó mẹ́ta, "Report profile", ẹni tó ń ṣe bí ẹlòmíì, lẹ́yìn náà "A friend". Tẹ́ ẹ bá ti mú "A friend", á bi yín pé ọ̀rẹ́ yín wo. Ẹ rọra ṣe níbẹ̀ o! Ẹni tó ti ṣèèṣì gba rikúẹ́sì ayédèrú yẹn á rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tó bá mú èyí tí kì í ṣe òótọ́, ohun tó sọ fún Facebook ni pé ayédèrú ló ń ṣe bí ayédèrú, ọ̀rọ̀ á kàn dàrú mọ́ wọn lójú. Nǹkan tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹni tó ti gbà á kọ́kọ́ ya síkíríínṣọ́ọ̀tù, kó yọ ọ́ kúrò lọ́rẹ̀ẹ́, kó tó wá rípọ́ọ̀tù, ìgbà yẹn orúkọ kan ṣoṣo ló máa kù láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó tún yẹ kí àwọn tó gba mẹ́sèèjì ọ̀hún rípọ́ọ̀tù ọ̀rọ̀ yẹn látinú Messenger, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí jìbìtì wà, ojú pírófáìlì ò ní fi hàn.

Fún ẹ̀yin fúnra yín tẹ́ ẹ ò lè rí i, ẹ lọ sí `facebook.com/help`, ẹ tẹ "pretending to be you" síbi ìwákiri. Ojú ìwé tó máa jáde ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rípọ́ọ̀tù ẹni tó ń ṣe bí yín, fọ́ọ̀mù kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò tiẹ̀ ní àkáúǹtì Facebook rárá, ìyẹn dára fún ìyá tàbí bàbá àgbà tí wọ́n lo fọ́tò wọn bẹ́ẹ̀ wọn ò sí lórí ẹ̀.

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fún yín hàn. Ẹ ya á síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí orúkọ àti ojú yín ṣeé rí kedere. Nǹkan tí kò kàn wọ́n, irú bíi nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀, ẹ lè fi nǹkan bò ó. Inú fọ́ọ̀mù Facebook fúnra ẹ̀ nìkan lẹ máa gbé e sí. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú Messenger tàbí WhatsApp, bó ti wù kó pe ara ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìbínú máa ń jẹ́ káwọn èèyàn ṣe: wọ́n á yọ fọ́tò ara wọn kúrò lójú pírófáìlì, àwọn míì á yí orúkọ wọn padà, kí wọ́n má bàa tún rí nǹkan jí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é nígbà tí rípọ́ọ̀tù ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi wéra. Tí tiyín bá ti di àwòrán òdòdó tí orúkọ ẹ̀ ò bá ti káàdì mu, ayédèrú lá wá jọ ojúlówó.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́

Ẹ máa wo Support Inbox, ẹ lè gba `facebook.com/support` débẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ bí rípọ́ọ̀tù yín ṣe rí. Nígbà míì wákàtí díẹ̀ ni, nígbà míì ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ti ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn tí àwọn mẹ́rin yẹn tẹ nǹkan tó yẹ, ọjọ́ kejì ló kúrò. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti lọ lóòótọ́ ni pé kẹ́ ẹ ní kí èèyàn méjì tí wọn ò búlọ́ọ̀kù ṣí líǹkì tó ní nọ́ńbà yẹn. Tí kò bá ṣí fáwọn méjèèjì, ó ti wálẹ̀. Tẹ́nì kan bá ṣì rí i, wọ́n kàn búlọ́ọ̀kù èkejì ni.

Tí wọ́n bá dáhùn pé àwọn ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀, ẹ má kàn tún tẹ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí àyè bá wà nínú Support Inbox láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì wo nǹkan tí rípọ́ọ̀tù yín ò tíì sọ: ṣé ẹ ti fi káàdì hàn? Ṣé ẹni tí wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ̀ ti rípọ́ọ̀tù ọ̀rọ̀ yẹn látinú Messenger? Ọ̀nà míì tó kù ni ti ẹ̀tọ́ oní-fọ́tò, ìyẹn tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ya fọ́tò tí wọ́n kó. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò kì í gba èèyàn níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ní ti ẹ̀tọ́ oní-fọ́tò, wọ́n lè fi orúkọ àti ímeèlì yín han ẹni tẹ́ ẹ fẹ̀sùn kàn. Ó yàtọ̀ sí rípọ́ọ̀tù tí mo sọ lókè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ lo ímeèlì tí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń lò fún báńkì.

Láàárín ìgbà tẹ́ ẹ ń dúró yìí, àwọn kan máa wá sábẹ́ pósìtì yín. Wọ́n á ní ẹnì kan wà lórí Instagram tó bá àwọn yọ irú ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ̀wé sí i. Jìbìtì kejì nìyẹn, ọ̀rọ̀ "wọ́n jí orúkọ mi" ni wọ́n ń wá káàkiri kí wọ́n lè rí ẹni tí ara ń ta. Kò sí ará ìta kankan tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yọ pírófáìlì Facebook. Wọ́n á gbowó yín, wọ́n tún lè béèrè kóòdù tí wọ́n fi máa wọ àkáúǹtì yín gangan, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ pásíwọọ̀dù á wá di òótọ́.

Tó bá jẹ́ Instagram tàbí WhatsApp ni

Lórí Instagram, ẹni tí wọ́n jí orúkọ ẹ̀ gan-an tàbí aṣojú ẹ̀, bí òbí fún ọmọ, ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Torí náà ẹ má fi gbogbo ara lé àwọn ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀, wọ́n sì máa ń béèrè káàdì.

WhatsApp yàtọ̀. Níbẹ̀ wọ́n á gba nọ́ńbà tuntun, wọ́n á fi fọ́tò yín síwájú, wọ́n á ní "mo ti yí nọ́ńbà padà". Ẹni tó gba mẹ́sèèjì yẹn ló lè rípọ́ọ̀tù ẹ̀ dáadáa, kó ṣí ọ̀rọ̀ yẹn, kó tẹ orúkọ tó wà lókè, kó sún un sísàlẹ̀ títí á fi rí "Report". Mẹ́sèèjì márùn-ún tó kẹ́yìn tí nọ́ńbà yẹn fi ránṣẹ́ sí i ló máa bá rípọ́ọ̀tù lọ, torí náà kó má tíì máa bá olè yẹn ṣàwàdà tàbí kó máa bú u títí tí ọ̀rọ̀ owó á fi di ti ẹ̀yìn, kó rípọ́ọ̀tù nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà nínú márùn-ún yẹn.

Kí ló dé tó tún padà wá?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ti ẹ̀gbọ́n mi wálẹ̀, òmíì tún jáde, orúkọ kan náà, fọ́tò míì. Ìgbà yẹn la tó wo nǹkan tó yẹ ká ti wò látọjọ́ àkọ́kọ́: orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni tó bá wọ pírófáìlì ẹ̀ lè kà á. Fọ́tò àti orúkọ nìkan ò tó ṣe jìbìtì, ẹni tí wọ́n máa fi tàn ni wọ́n nílò, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ló sì ń sọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí. Ẹ wọ Settings, ẹ wá "How people find and contact you", ẹ tẹ "Who can see your friends list", ẹ fi sí "Only me". Ẹni tẹ́ ẹ bá jọ ní ọ̀rẹ́ kan náà á ṣì máa rí àwọn tẹ́ ẹ jọ mọ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ bo ìyẹn, àmọ́ àjèjì ò ní rí nǹkan kan kó. Ẹ tún wo àwọn fọ́tò àtijọ́ yín, èyí tí gbogbo ayé ń rí, ẹ yí i sí ti àwọn ọ̀rẹ́ nìkan.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ò gba wákàtí mẹ́fà. Àwọn mẹ́rin yẹn ti mọ nǹkan tí wọ́n máa tẹ̀, àwọn àgbà tá a ti pè lọ́jọ́ kìíní ò gba rikúẹ́sì ẹ̀, ìyá wa tiẹ̀ ló kọ́kọ́ fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.